Ta Ni Yóò Já Bọ́? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbá Líìgì Lórí Ìwé Kí Wọ́n Tó Gbá A Lórí Pápá

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Agége tàbí Ìkẹjà nígbà tí líìgì bọ́ọ̀lù bá ń lọ sí òpin, ẹ óò rí i pé kì í ṣe babaláwo nìkan ló ń wádìí ọ̀la. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléeṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran, ní Orégùn àti ní Agídíngbi, a dúró ti oníwèé ìròyìn, wọn a máa fi ìka ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù. "Méjì nílé, mẹ́ta ní àjò. Tá a bá ti jẹ méjèèjì nílé, tá a ta ọ̀mì kan, ó parí nìyẹn!" Ẹnìkejì a ní irọ́ ni, pé ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ wọn ní mẹ́ta nílé. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo yóò ṣe máa lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà ládùúgbò yìí. Ẹgbẹ́ MFM, tí pápá ìṣeré Agége jẹ́ ilé wọn, wọ líìgì àgbà Nàìjíríà fún sáà 2015 sí 2016. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ipò kejì; Plateau United nìkan ló wà níwájú wọn. Ní 2018 wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó mókè jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà 2021 sí 2022 parí, wọ́n já bọ́, àwọn pẹ̀lú Kano Pillars, Heartland àti Katsina United. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín ipò kejì àti ìjábọ́. Ẹgbẹ́ tó bá já bọ́, owó tó ń wọlé fún un a dín kù, agbábọ́ọ̀lù tó dáa nínú wọn a bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì pápá náà a mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, alága ẹgbẹ́ tó bá bèèrè nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ṣì kù pé, "Báwo ni ewu wa ṣe pọ̀ tó?" ìbéèrè gidi ló bèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun yá owó ra agbábọ́ọ̀lù mìíràn ni, àbí kí òun fọwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Wọn a gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù lórí ìwé, tàbí nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, bí kò ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Lẹ́yìn náà ni wọn a ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan já bọ́. Ìtàn bí ọ̀nà náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè fi dáìsì lúdò ṣe é lórí tábìlì ilé yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ dáadáa, èyíinì ni púùlù. Láyé ìgbà kan, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ènìyàn wa ń ta púùlù lé lórí, wọ́n ń wá ọ̀mì kiri. Ní òpin 1962 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1963, òtútù mú ní Gẹ̀ẹ́sì débi pé yìnyín bo àwọn pápá, wọn kò rí bọ́ọ̀lù gbá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn oní-púùlù kò fẹ́ kí ọjà wọn kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní 1963, wọ́n kó ìgbìmọ̀ àwọn àgbà jọ sí yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọn kò gbá ì bá ti rí. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì san owó lé e lórí.

Ìgbìmọ̀ náà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èsì kan ṣoṣo. Fún púùlù, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ ewu kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá máa ń jẹ nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́fà, tí ẹ bá kọ "yóò jẹ" sí gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé rẹ̀, ẹ ti gbàgbé ẹ̀ẹ̀mejì tí kò ní í jẹ. Inú ẹ̀ẹ̀mejì yẹn gan-an ni ìjábọ́ ń fara pamọ́ sí.

Ẹni tó wá ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù rárá. Stanislaw Ulam ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà. Ní 1946 àìsàn ọpọlọ kan dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, ó ń fi káàdì ṣeré, irú eré tí ènìyàn kan ṣoṣo máa ń dá ta. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: kí ni àǹfààní pé eré yìí yóò yọrí sí rere? Ó gbìyànjú láti fi ìṣirò yọ ọ́, ó le jù. Ó wá ronú pé, èwo ni tèmi nínú wàhálà yìí? Ṣé kí n má kúkú ta eré náà ní 100 ìgbà, kí n ka iye ìgbà tí mo jẹ? Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ John von Neumann, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà kan náà lè yanjú ìṣòro iṣẹ́ wọn lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ní 1948 wọ́n gbé e fún kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní ENIAC. Ẹlẹgbẹ́ wọn, Nicholas Metropolis, ló sọ ọ́ ní Móńtẹ̀ Kálò, orúkọ ìlú tí àwọn olówó ti ń ta tẹ́tẹ́, nítorí pé Ulam ní àbúrò òbí kan tí í máa yá owó lọ́wọ́ ẹbí láti lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọgbọ́n Ulam wá sílé. Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ mẹ́ta ń sá fún ipò kan ṣoṣo tó kù láti já bọ́, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré sì kù fún oníkálukú wọn. Mo fún wọn ní orúkọ àdúgbò wa, ẹgbẹ́ gidi kọ́ o, àpẹẹrẹ ni. Agége ní pọ́ìǹtì 44, Ìkẹjà ní 43, Ọ̀ṣòdì ní 42. Agége ń lọ sí àjò. Ìkẹjà àti Ọ̀ṣòdì wà nílé, ẹgbẹ́ mìíràn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa bá gbá. Bí pọ́ìǹtì bá dọ́gba, gólù ni yóò yà wọ́n, gólù Ọ̀ṣòdì ló dáa jù, ti Ìkẹjà tẹ̀ lé e, ti Agége ló burú jù. Ta ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní Ọ̀ṣòdì, torí òun ló wà nísàlẹ̀. Ẹ mú dáìsì lúdò. Ojú mẹ́fà ló ní. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ojú 1 sí 4 ni kí onílé jẹ, ojú 5 ni ọ̀mì, ojú 6 ni kí àlejò jẹ. Mo fi í sí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ní líìgì tiwa, àlejò kì í sábà jẹ onílé. Gbogbo ẹni tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ da dáìsì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pọ́ìǹtì mẹ́ta kún ti ẹni tó jẹ, ọ̀kan kún ti ẹni tó ta ọ̀mì. Ẹ wo ẹni tó kẹ́yìn, ẹ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni òpin sáà kan. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti 44, 43 àti 42.

Bí ẹ bá ṣe é pẹ́ títí, ìlà tó wà níwájú Agége ni yóò pọ̀ jù. Nítorí pé àpẹẹrẹ yìí kéré, a lè fi ọwọ́ ka gbogbo ọ̀nà tí dáìsì mẹ́ta lè gbà bọ́. 216 ni wọ́n, wọn kò tó ojú odù Ifá 256 pàápàá. Nínú 216 yìí, Agége já bọ́ ní 96, Ọ̀ṣòdì ní 82, Ìkẹjà ní 38. Tí a bá sọ ọ́ di ìdá nínú 100, Agége ní 44, Ọ̀ṣòdì ní 38, Ìkẹjà ní 18. Ẹni tó wà lókè nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù! Ìdí rẹ̀ ni pé àjò ló ń lọ, gólù rẹ̀ kò sì dáa. Nínú dáìsì mẹ́fà, mẹ́rin ní kó padà sílé pẹ̀lú 44 tó gbé lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lé e wà nílé níwájú èrò wọn. Tábìlì líìgì tó wà nínú ìwé ìròyìn ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún wa. Kì í sọ ibi tí oníkálukú ṣì ń lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá lè fi ọwọ́ ka 216, kí la ń da dáìsì ẹgbẹ̀rún ìgbà fún? Ẹ gbọ́ ọ. Líìgì tó ní ẹgbẹ́ 20 máa ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èsì mẹ́ta: onílé jẹ, ọ̀mì, àlejò jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè parí ní ọ̀nà 59,049. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Tó bá di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nọ́ńbà náà gùn tó ojú 24. Kò sí ẹni tó lè kà á tán. Kò sì ṣeé ṣe láti ka ti Agége lọ́tọ̀, ká ka ti Ìkẹjà lọ́tọ̀, torí bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn kò lè jọ jẹ. Pọ́ìǹtì tí ọ̀kan gbà ni èkejì pàdánù. Odidi líìgì la gbọ́dọ̀ gbá papọ̀. Ohun tí Ulam kọ́ wa ni pé, dípò ká ka gbogbo ẹ̀wà inú àpò, ká bu ìwọ̀nba kan, ká kà á.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bí ẹ bá gbá òpin sáà ní 100 ìgbà péré, ìdá 44 ti Agége yẹn lè jáde bíi 35, ó sì lè jáde bíi 53, láìsí pé ohunkóhun yàtọ̀, dáìsì lásán ló ń ṣeré. Bí ẹ bá gbá a ní 10,000 ìgbà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín 43 sí 45. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ náà di ìlọ́po 100 kí àṣìmú tó dín kù ní ìlọ́po 10. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí yóò gba ọmọ lúdò ní odidi ọdún, kọ̀ǹpútà kékeré ọ̀fíìsì a ṣe é tán kí ẹ tó mu tíì yín tán.

Ó wá ku bí a ó ṣe ṣe dáìsì náà, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ kò dọ́gba. Dáìsì tí mo lò lókè ka onílé sí ọ̀kan náà, ìbá à jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń gba ife tàbí èyí tó ń já bọ́. Oníṣirò Gẹ̀ẹ́sì kan, M. J. Moroney, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1951, lo òfin kan tí Poisson ará Faransé ti kọ sílẹ̀ láti 1837 láti fi wo bí gólù ṣe ń wọlé. Òfin náà sọ pé, tí a bá ti mọ ìpíndọ́gba gólù tí ẹgbẹ́ kan ń gbá, a lè mọ bí òdo, ọ̀kan, méjì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣe máa wáyé. Bí àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ tó ń gbá gólù kan ààbọ̀ ní ìpíndọ́gba, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 100, yóò ṣófo ní bíi 22, yóò gbá ọ̀kan ní bíi 33, méjì ní 25, mẹ́ta ní 13, èyí tó kù yóò jẹ́ mẹ́rin sókè.

Ní 1982, Mike Maher fi ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì kún un. Ó ní kí a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: ọ̀kan fún agbára rẹ̀ láti gbá gólù wọlé, ọ̀kan fún bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe jò tó. Tí Agége bá fẹ́ gba Ìkẹjà lálejò, ẹ mú agbára iwájú Agége, ẹ fi bí ẹ̀yìn Ìkẹjà ṣe ń jò sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi àǹfààní ilé kún un. Ìyẹn ni ìpíndọ́gba gólù Agége lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìkẹjà, láìfi àǹfààní ilé kún tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ní dáìsì tirẹ̀. Títí di òní, ìpìlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú ìṣirò yìí ń kọ́lé lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ wá nìyí. Dáìsì tó dáa kì í bọ́ láti ojú ọ̀run, inú èsì àtẹ̀yìnwá la ti ń gbẹ́ ẹ. Bí a bá mú àǹfààní ilé tí wọ́n wọ̀n ní Gẹ̀ẹ́sì, tá a lò ó fún líìgì Nàìjíríà, a ó rí èsì tó mọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Yóò máa fún ẹgbẹ́ tó ń lọ sí àjò ní ìrètí tí kò sí níbẹ̀. Èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tiwa, láti sáà bíi mélòó kan, la gbọ́dọ̀ lò.

Èkejì tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ká ní a ti rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20 tí Agége gbá, a sì fi yọ agbára rẹ̀. Ṣé a dá nọ́ńbà yẹn lójú? Rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, oríire ni kò bá wọn rìn. Ó sì lè jẹ́ òdì kejì. Bí a bá ti wá kan nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ bí ìṣó, tí a fi gbá sáà 10,000 ìgbà, àṣìṣe kan náà ni a ó máa tún ṣe nínú gbogbo 10,000. Kọ̀ǹpútà yóò wá máa fọ́nnu: yóò ní ìdá 2 péré nínú 100 ni ewu Agége, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 10. Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà kì í kan nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó gbá sáà kọ̀ọ̀kan, wọn a kọ́kọ́ da dáìsì fún agbára ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, láàárín ibi tó ṣeé ṣe kó wà, kí wọ́n tó da ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹgbẹ́ MFM kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 2017 kan náà tí wọ́n ṣe ipò kejì ni Stephen Odey, ẹni tó ń gbá gólù fún wọn, lọ sí FC Zürich ní Swítsálàǹdì. Ẹni tó bá fi gólù ìgbà tó wà níbẹ̀ yọ agbára wọn fún sáà tó tẹ̀ lé e, aṣọ ẹlẹ́ṣin ló ń wọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí dáìsì kankan kò lè rí. Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé wọn yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù, àti pé òfin kò ní í yí padà. Ní 2018, ìjà àwọn olórí bọ́ọ̀lù dá líìgì wa dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24. Lobi Stars tó wà lókè ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje Áfíríkà, kò sẹ́ni tó já bọ́, ẹgbẹ́ 24 sì ni líìgì bá bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ní 2020, àrùn Kòrónà tún dá a dúró. Wọ́n wá pín pọ́ìǹtì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti gbá, wọ́n fi ìyẹn tò wọ́n, Plateau United sì mókè. Ọ̀nà yẹn yára, gbogbo ènìyàn ló sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ ni àléébù tábìlì tí mo wí ṣáájú: kò bèèrè ẹni tó ti lọ sí àjò tó le tán, àti ẹni tí àjò rẹ̀ ṣì wà níwájú.

Báwo la ṣe wá ń mọ oníṣirò tó mọṣẹ́ yàtọ̀ sí oníjìbìtì? Bí ó bá ní ìdá 20 nínú 100 ni ewu ẹgbẹ́ kan, tí ẹgbẹ́ náà sì já bọ́, kò túmọ̀ sí pé ó parọ́. Ìdá 20 kì í ṣe òdo. Bákan náà, tí ẹgbẹ́ náà bá là á já, kò túmọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ kó gbogbo ẹgbẹ́ tó fún ní 20 jọ láti ọdún dé ọdún. Bí wọ́n bá tó 50, nǹkan bíi 10 nínú wọn ló yẹ kó ti já bọ́. Bí ó bá jẹ́ 2, ó ń dẹ́rù bani lásán. Bí ó bá jẹ́ 25, ó ń fi ewu pamọ́. Ẹni tí kò bá lè gbé àkọsílẹ̀ ìgbà tó ti kọjá sílẹ̀ fún yín láti kà báyìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdá rẹ̀ dà yín láàmú.

Nítorí náà, nígbà tí àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá oníwèé ìròyìn, tí ẹnìkan ní, "A ní pọ́ìǹtì ju Ọ̀ṣòdì lọ, ọkàn wa balẹ̀," ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: mélòó ló kù yín nílé, mélòó ló kù wọ́n nílé, ta ni gólù rẹ̀ dáa jù? Tó bá dáhùn tán, ẹ na dáìsì lúdò sí i.